Orí àti èjìká: ibi tí ẹ ti ń sun owó yín níná

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló fi ṣáàtì ọjà tí wọ́n ń tíréèdì ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti fa ìlà pupa, wọ́n ti kọ "èjìká, orí, èjìká" sí i lára bíi télọ̀ tó fẹ́ gé agbádá, wọ́n wá ń bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n tà?" Mo wo ṣáàtì ọ̀hún títí, èjìká ọ̀tún ò tíì sí níbẹ̀. Àwọn méjì nínú wọn sì ti tà ná kí wọ́n tó bi mí. Ṣé ìbéèrè nìyẹn, àbí ẹ fẹ́ kí n wá bá yín gbàdúrà ni?

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti a-b-d. Ẹ mọ̀ pé òkìtì mẹ́ta ni pátánì yìí, èjìká òsì, orí tó ga jù láàárín, èjìká ọ̀tún, ẹ sì mọ ìlà ọrùn tí à ń fà láti ìsàlẹ̀ kòtò àkọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ kòtò kejì. Ohun tí ẹ ń bà jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ ń wá orí níbi tí kò ti sí ara. Òpin ìgòkè ni pátánì yìí máa ń sọ, tí ọjà bá ti ń rìn sọ́tùn-ún sósì láti oṣù tó kọjá, òkìtì mẹ́ta tí ẹ rí yẹn, òkìtì mẹ́ta lásán ni.

2. Ṣáàtì ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

3. Títà kí ìlà ọrùn tó já. Ibí yìí ni inú mi ti ń ru. Kí ìlà yẹn tó já, kò sí orí kò sí èjìká, ohun tó wà níbẹ̀ ni ọjà tó ń gòkè tó jókòó sinmi díẹ̀. Ohun tí ẹ ń pè ní èjìká ọ̀tún lè dìde lọ́la kó kọjá orí, ẹ ó wá máa sọ pé bróókà ló ṣe yín. Ẹ ti sọ ọmọ lórúkọ, ìyá ṣì ń rọbí!

Mi ò sọ ọ́ bí ẹni mímọ́ o. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo rí ọ̀kan lórí góòlù, ó rẹwà débi pé mo fi han ìyàwó mi. Mo tà á ní orí èjìká ọ̀tún torí mo rò pé ẹni tó bá tètè wọlé ló máa jẹ ẹran tó sanra jù. Góòlù sọ̀ kalẹ̀, ó kan ìlà ọrùn, ìrù kándùlù kan tiẹ̀ gún un kọjá sísàlẹ̀, ni mo bá tún fi kún un. Nígbà tí kándùlù ọjọ́ yẹn máa fi tì, ó ti padà sókè ìlà. Kò já rárá. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti kọjá orí, irinwó dọ́là tó wà nínú àkáǹtì mi ku mọ́kàndínlógójì. Ìyàwó mi ṣì máa ń bi mí pé báwo ni èjìká mi.

Torí náà, ìrù kọ́ là ń wò, ibi tí kándùlù tì sí là ń wò. Tí ṣáàtì yín bá jẹ́ ti ọjọ́ kan, ẹ dúró kí ọjọ́ yẹn parí. Tó bá sì já lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló tún máa ń padà wá kan ìlà náà láti ìsàlẹ̀ kó tó lọ, ẹni tó bá pẹ́ ṣì lè wọlé níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń padà o, ẹ má wá bínú sí mi tó bá lọ láìdúró dè yín.

Fọ́líọ̀mù ńkọ́? Ó yẹ kó kéré ní èjìká ọ̀tún ju ti òsì lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń rí lórí MetaTrader fún fọ́rẹ́ẹ̀sì, iye ìgbà tí iye owó yí padà ló ń kà, kì í ṣe iye ọjà tí wọ́n tà. Ẹ má gbé e lérí.

Nọ́ńbà ti dà rú mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká kàn máa lọ.

Wíwọn táàgẹ́tì. Àwọn kan máa ń wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó orí dé ìsàlẹ̀ kòtò tó jìn jù. Rárá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ láti ṣóńṣó orí títí ẹ ó fi kan ìlà ọrùn lábẹ́ rẹ̀ gan-an, iye yẹn lẹ máa yọ kúrò ní ibi tí ìlà ti já. Tí ìlà bá dagun, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tí gbogbo ayé rí ṣàpẹẹrẹ, S&P 500 ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2009. Ọjà ti gòkè láti 666 ní Máàṣì. Èjìká òsì wà ní nǹkan bíi 930 ní Méè, orí dé 956 ní June 11, èjìká ọ̀tún tún dúró ní nǹkan bíi 931 ní July 1. Kòtò àkọ́kọ́ wà ní nǹkan bíi 879, èkejì ní 889, ìlà ọrùn wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ orí, ìlà náà wà ní bíi 886, nítorí náà gíga rẹ̀ jẹ́ 70. Ní July 7, ìlà ti dé bíi 892, ọjà sì tì ní 881. Ó já, ó já dáadáa. Ẹ yọ 70 kúrò nínú 892, táàgẹ́tì yín di 822. Ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n wọn ò sọ nǹkan míì.

Ọjọ́ kejì, ó kan 869. Ibẹ̀ ló mọ. Ní July 13, ó tì ní 901, ó ti padà sókè ìlà ọrùn. Ní July 16, ó ti kọjá èjìká ọ̀tún. Nígbà tí oṣù máa fi parí, 987 ló wà, ọdún náà sì parí sí 1115.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ẹ jẹ́ ká mú tírédà mẹ́ta, tí gbogbo wọn tà ní 881. Ẹni àkọ́kọ́ sọ pé tí ọjọ́ kan bá tì sókè ìlà ọrùn, òun ti jáde: ó pàdánù 20. Ẹnì kejì fi stọ́ọ̀pù sókè èjìká ọ̀tún: ó pàdánù bíi 51 láti wá èrè 59, ẹ rí i pé tẹ́tẹ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ dáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kẹta ní "ó máa padà sọ̀ kalẹ̀, pátánì ò purọ́," nígbà tí Júláì parí, ó ti jìn sínú kòtò 106, tó bá sì ṣì dì í mú títí di Disẹ́ńbà, èmi ò mọ ohun tí màá sọ.

Ẹnì kẹta yẹn ló pọ̀ jù nínú yín. Pátánì tó kùnà, ìròyìn ni. Gbogbo àwọn tó tà láti ibi ìlà ọrùn ti wà nínú ìdẹkùn, tí wọ́n bá fẹ́ jáde wọ́n gbọ́dọ̀ rà, ríra wọn yìí gan-an ló tún ń ti owó sókè. Ìdí nìyẹn tí orí àti èjìká tó bàjẹ́ fi máa ń sáré gòkè bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó owó kún un nígbà yẹn, ẹ̀yin gan-an lẹ ń ti ọkọ̀ tó fẹ́ tẹ̀ yín.

Ohun kan tún kù: 822 yẹn kì í ṣe ìlérí. Tí àtìlẹ́yìn tó lágbára bá wà láàárín ọ̀nà, ẹ mú díẹ̀ nínú èrè yín níbẹ̀.

Ní ti àwọn mẹ́ta tó kọ̀wé sí mi, ọ̀kan ti jáde, ọ̀kan ṣì ń dì í mú. Ẹnì kẹta ni kò tíì tà. Mo ní kó fi alámù sí orí ìlà ọrùn rẹ̀, kó gbé fóònù sílẹ̀ kó lọ sùn. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn.