Bí a ṣe ń ṣe sikíìtì tí ẹni tó ń wò ó jẹ́ oníbàárà: isu mẹ́ta lọ́jà Atakúnmọ́sà

Sikíìtì tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, ẹ ò ní rí oníbàárà nínú ẹ̀. Ìyá oníṣu nìkan lẹ máa rí. Ojú ẹni tó ń wo fóònù ló ń wò, òun ló ń bá nájà, òun náà ló sì máa bú. Kámẹ́rà ni ojú oníbàárà.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìtàn náà sórí ìwé, kó má ju ojú ewé kan lọ, torí ìṣẹ́jú kan péré ni gbogbo eré náà. Tèmi rèé: lọ́jà Atakúnmọ́sà n'Íléṣà, ìyá pe isu mẹ́ta ní ₦9,000. Oníbàárà dá ₦4,000. Ìyá bínú, ó já a sí ₦8,000. Oníbàárà yí padà, ó ń lọ. Ìyá pè é, wọ́n gbà á sí ₦6,500. Oníbàárà fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, aláàtì ò dé. Ìyá bá lóṣòó síwájú ẹ̀, ó ń wò ó. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ò ní í béèrè ìtumọ̀: òṣómàáló nìyẹn. Bí àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ṣe ń gba gbèsè nìyẹn: òṣó ni wọ́n máa ló lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó á fi jáde.

Kẹ́ ẹ tó gbé fóònù jáde, ẹ bá ìyálọ́jà àti àwọn tó wà nítòsí sọ̀rọ̀. Ẹ lọ láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, kẹ́ ẹ sì yẹra fún abẹ́ agboòrùn aláwọ̀. Agboòrùn pupa á mú kí ojú ìyá pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi osùn pa.

Kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá lo tiwájú, ara ẹ̀ nìyá á máa wò nínú gíláàsì fóònù, ojú ẹ̀ ò ní bọ́ sójú ẹni tó ń wò ó. Fóònù tó ní ojú mẹ́ta lẹ́yìn, 1x ni kẹ́ ẹ fi sí. Ẹ máa fi ìka bo àwọn ojú náà lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wá lẹ bébà pupa kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá á máa wò. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, kí ọwọ́ ọ̀tún lè máa fọwọ́ kan isu. Kó má sí òrùka tàbí làálì lọ́wọ́ yẹn, torí ọwọ́ gbogbo èèyàn ni. Ìdí kan náà nìyá ò ṣe gbọdọ̀ pe oníbàárà ní "àǹtí" tàbí "bùrọ̀dá". "Oníbàárà mi" gba tọkùnrin tobìnrin, èdè wa sì ti bá wa ṣe ìyókù, nítorí "ó" kan náà là ń lò fún àwọn méjèèjì.

Ó wá ku ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba tiwọn jẹ́: ọ̀rọ̀ oníbàárà.

Oníbàárà ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kí á gbọ́. Tí ẹni tó gbé fóònù bá ti lanu pẹ́nrẹ́n, ohùn ẹ̀ ti gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó. Ó ti di pé à ń wo àwọn méjì kan tó ń nájà. Àmọ́ bí oníbàárà bá dákẹ́, ìyá gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ohun táwa ò gbọ́, ọ̀nà méjì sì ni wọ́n máa ń gbà ṣìnà níbẹ̀.

Àwọn kan á sọ ìyá di ògbufọ̀. "Ẹ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin? Ẹ ní isu mi kéré? Ẹ ní ẹ rí tó tóbi lọ́hùn-ún?" Kò sẹ́ni tó ń nájà báyẹn. Lọ́jà, ọ̀rọ̀ tó dunni nìkan lèèyàn ń tún sọ. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ìyá tún ọ̀rọ̀ oníbàárà sọ, lórí ₦4,000 yẹn: "Mẹ́rin kí ni?" Níbi tí oníbàárà ti ní isu kéré, kí ìyá má sọ ọ́, kó gbé isu náà lé e lọ́wọ́, kó ní, "Ẹ gbé e wò ná." A ti mọ ohun tí oníbàárà sọ.

Àwọn kejì ò ní í dúró rárá, ìyá á máa ka ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni ń kéwì. Àlàfo gbọ́dọ̀ gùn tó ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ì bá sọ. Ẹ má ní kí ìyá máa kà á nínú ara ẹ̀ o. Mo ti rí èyí tí ètè ń mì, "ení, èjì, ẹ̀ta," lójú kámẹ́rà. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ fóònù, á máa sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà ní ti gidi, ìyá á sì máa fèsì. Tí mo bá délé, mo máa pa ohùn onítọ̀hún rẹ́, màá fi ariwo ọjà dí àlàfo náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba ariwo ọjà lásán sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí n tó kúrò níbẹ̀. Ohùn méjèèjì ò gbọdọ̀ gorí ara wọn, torí kò ní ṣeé yọ mọ́. Níbi tó bá yẹ kí ìyá já lu ọ̀rọ̀, bíi ìgbà tó máa ní "Ó tì o!", kí ẹni abẹ́ fóònù kàn máa mi ẹnu láìfọhùn. Íápíìsì olókùn tí máìkì ẹ̀ wà nínú ìborùn ìyá ti tó. Ẹ fi fóòmù kékeré bò ó nítorí afẹ́fẹ́.

Nínú àlàfo yẹn, ojú ìyá gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ₦4,000, á wo oníbàárà, á wo isu, á tún wo oníbàárà, á tún ìborùn ró. Ìgbà yẹn ni "ẹ" máa di "o": "Ọmọ yìí, ṣé o jẹun kó o tó jáde nílé?" Ẹ má jẹ́ kó ti sọ "o" ṣáájú ibẹ̀ o, nítorí ibi tí ọ̀wọ̀ ti já gan-an ni ẹ̀rín wà. Tẹ́ ẹ bá yà á tán, ẹ pa ohùn, kẹ́ ẹ wò ó lójú lásán. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí wọ́n ti dá owó burúkú, ẹ tún un yà.

Tí oníbàárà bá fẹ́ máa lọ, ẹ rọra yí fóònù bí ẹni yí orí, kẹ́ ẹ kọjú sí tòmátì aládùúgbò, kẹ́ ẹ sì rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ìyá á máa pè látẹ̀yìn: "Ẹ wá ná!" Ẹ má yíjú. "Ẹ padà wá, ẹ mú owó wá!" Ẹ yíjú nìyẹn. Ẹni tó bá yíjú nígbà àkọ́kọ́, ₦8,000 ló máa san, gbogbo ẹni tó ń wò yín ló sì mọ̀.

Ní ìparí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé ìyá. Fóònù á dúró sí ibi tí ojú èèyàn wà, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìyá ṣe ń kó ìró jọ, tó ń lóṣòó. Kó má sọ nǹkan kan. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà gbáko, pẹ̀lú ariwo ọjà nìkan, kó máa wo òkè. Kí aláàtì wá dún, kí ìyá má sì dìde títí ó fi ka iye tó wọlé.