Kàlẹ́ńdà ìkọ̀wé fún aládìrẹ tó ń dá kọ̀wé

Ẹni tó ń rẹ aṣọ láàárọ̀, tó ń dá oníbàárà lóhùn lọ́sàn-án, tó tún ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà nípa ọjà rẹ̀ lórí ayélujára lálẹ́, òun la kọ ìwé yìí fún. Ká ní ó wà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, kò sì ní akọ̀wé.

Kí ẹ tó fa ìlà kankan sínú ìwé, ẹ ka wákàtí yín. Àpilẹ̀kọ kan tó ní ọ̀rọ̀ bíi 600 máa ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin: ọ̀kan fún kíkó ọ̀rọ̀ àti àwòrán jọ, méjì fún kíkọ, ọ̀kan fún títún un kà àti gbígbé e síta. Bí wákàtí mẹ́ta péré bá wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀, méjìlá ni lóṣù. Ìṣirò á ní kí ẹ kọ mẹ́ta. Ẹ kọ méjì. Wákàtí mẹ́rin tó kù ni ọjọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn tàbí tí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ ẹgbẹ́jọdá dé máa jẹ.

Ẹ má fi ọgbọ́n orí wá àkòrí. Ẹ ṣí Wọ́sáàpù, kí ẹ da ìbéèrè tí àwọn oníbàárà bi yín láàárín oṣù mẹ́ta kọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bi í gan-an. “Ṣé aró yìí kò ní ràn mọ́ aṣọ funfun mi?” jẹ́ àkòrí. “Gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa àdìrẹ” kì í ṣe àkòrí, ẹrù ni; ẹni tó bá kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà kò ní rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ọdún. Ọjọ́ tí oníbàárà máa wọ aṣọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà padà sẹ́yìn. Ẹ wo Iléyá 2025, tó bọ́ sí 6 oṣù Kẹfà. Télọ̀ nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà aṣọ gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ oníbàárà ní 16 oṣù Karùn-ún. Rírẹ aṣọ àti fífi í ránṣẹ́ gba ọ̀sẹ̀ méjì, oníbàárà gbọ́dọ̀ ti sanwó ní 2 oṣù Karùn-ún. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó fi ronú, kó sì bá ẹbí sọ̀rọ̀: àpilẹ̀kọ gbọ́dọ̀ jáde ní 18 oṣù Kẹrin. Ṣùgbọ́n Àjíǹde bọ́ sí 20 oṣù yẹn, ìsinmi sì ni Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, tí í ṣe 18 gan-an. Ẹ gbé e wá sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá dúró títí oṣù Karùn-ún fi parí kí ó tó kọ̀wé nípa aṣọ Iléyá, télọ̀ ti ti ìwé iṣẹ́ pa.

Ẹ má ṣe da ọjọ́ ọdún tó kọjá kọ. 16 oṣù Kẹfà ni Iléyá 2024 jẹ́, ti 2025 sì fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀, torí òṣùpá ló ń tọ́ ọ. Kérésì kì í yẹ̀. Ìyẹn lẹ lè dà kọ.

Ní ti kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀, ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé tó. Ẹ pín ojú ewé sí mẹ́rin: ọjọ́ tí yóò jáde, ìbéèrè oníbàárà, ọjọ́ tí ẹ máa ya àwòrán, ibi tí iṣẹ́ dé. Ti àwòrán ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró máa ń ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù, kì í sì í pẹ́. Ẹ kò lè padà wá ya á lálẹ́ tí ẹ bá jókòó láti kọ̀wé. Ọjọ́ rírẹ ni ọjọ́ àwòrán, kí ó sì jẹ́ ọjọ́ tí òjò kò sí, tí aṣọ lè gbẹ lórí okùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni kí ẹ kọ kúnnákúnná. Ọjọ́ ọdún nìkan ni kí ẹ sàmì sí nínú oṣù tó kù. Bí ìlà kan bá sún síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ìbéèrè rẹ̀ ti tóbi jù, tàbí àwòrán rẹ̀ kò sí. Ẹ pín in sí méjì, tàbí kí ẹ pa á rẹ́.

Ẹ fi àpilẹ̀kọ méjì tó ti parí pamọ́, bíi bí a ṣe ń fọ àdìrẹ nínú omi tútù, kí a sì sá a sí ibòji. Kò gbọ́dọ̀ sí iye owó tàbí ọjọ́ ọdún nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá bo yín mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni yóò jáde. Èyí tí ẹ bá sì kọ tẹ̀lé e ni kí ẹ fi dípò rẹ̀, kí méjì tún pé.