Kọ̀ǹpútà ló bú ọmọ, orúkọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀

Pírámárì 4 ni mò ń kọ́ ní iléèwé aládàáni kan. Kọ̀ǹpútà ló máa ń bá wa kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sí ìsàlẹ̀ rìsọ́ọ̀tì. Bí máàkì ọmọ kò bá ti pé 40 nínú 100, ohun tí yóò jù síbẹ̀ ni pé, “Èsì yìí kò dára. Ọmọ yìí kò kọbi ara sí ẹ̀kọ́ rẹ̀.” Ní táàmù tó kọjá, ìyá ọmọ kan gbé e wá bá mi. Ó ní, “Àǹtí, mo ti nà án o. Kí ló tún kù kí n ṣe?” Iwájú ni ọmọ náà máa ń jókòó, kì í sùn, kì í ṣeré. Wọ́n na ọmọ nítorí ọ̀rọ̀ tí n kò kọ, orúkọ mi ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ni mo bá ní ní táàmù yìí, èmi fúnra mi ni máa kọ ti àwọn tí ẹ̀kọ́ ń le fún. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ bí a ṣe ń ro máàkì tẹ́ẹ̀sì 40 pọ̀ mọ́ ti ìdánwò 60, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Ìwé ìdánwò wọn gan-an ni mo tú jáde, torí máàkì kò lè sọ ibi tó ń dun ọmọ. Ọmọ tí mo ń wí yìí gba 31 nínú ìṣirò. Mo wo 389 − 154, ó kọ 235, ó gbà á. Mo wo 402 − 178, ó kọ 376, èyí tó yẹ kó jẹ́ 224. Mo kọ́kọ́ rò pé ó kàn méfò ni, àfi ìgbà tí mo rí 42 − 18 tó kọ 36 sí. Ó yé mi wàyí. Tí nọ́ńbà òkè bá kéré, á dojú ẹ̀ délẹ̀, á yọ 2 kúrò nínú 8 dípò kó yá mẹ́wàá. Gbogbo èyí tó kùnà ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí, kò yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí kò kọbi ara sí nǹkan kì í ṣàṣìṣe tó jọra báyẹn. Orí mi wú, kí n má parọ́.

Ohun tí mo kọ nìyí: “Ó mọ àròpọ̀ dáadáa, ó sì ń gba àyọkúrò tí kò ní yíyá. Kò tíì mọ yíyá. Ẹ ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀, ẹ dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kó máa tú ìdì kan láti fi ṣe irú 42 − 18, mẹ́ta lálẹ́.” Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fi 402 síbẹ̀ ni. Òdo tó wà láàárín ń fẹ́ kéèyàn yá lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ṣì le fún un.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mọ́mì, ìyẹn ìyá tó ni iléèwé wa, fi báírò pupa fa igi lé “kò tíì mọ yíyá”, wọ́n kọ “Ó ń gbìyànjú, ọmọ dáadáa ni” rọ́pò. Wọ́n ní òbí tó san owó iléèwé kò gbọ́dọ̀ ka “kò tíì mọ”, pé wọ́n á bi wá pé kí la wá ń kọ́ ọ láti ọjọ́ yìí. Mo ní, “Mọ́mì, 31 ló wà lókè níbẹ̀ yẹn. Ta la fẹ́ tàn?” Wọ́n ní kí n má bá àwọn jiyàn. Odindi káàdì kíláàsì mi wà lórí tábìlì wọn títí ó fi ku ọ̀la ká gba ìsinmi, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sì ti palẹ̀ mọ́ lọ sílé.

Mo gbé ìwé ìdánwò ọmọ náà síwájú wọn, mo fi 36 yẹn hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Kí wá ni àwa náà máa ṣe sí i?” Ìbínú mi rọ̀ díẹ̀, torí òótọ́ ni, iṣẹ́ ilé nìkan ni mo yàn fún ìyá ọmọ. Mo fi kún un pé, “Èmi náà á máa kọ́ ọ ní yíyá ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn iléèwé.” Gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi fọwọ́ sí i, “kò tíì mọ” sì dúró síbẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán irú ẹ̀ wò, ẹ má dúró de ìdánwò. Ìwé kékeré kan ni mò ń lò báyìí, mò ń kọ àṣìṣe tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń tún ṣe sínú rẹ̀ bí mo bá ṣe ń máàkì iṣẹ́ kíláàsì. Ẹ wo rẹ́jísítà náà. Ọmọbìnrin kan tí ìdá nínú ìṣirò dàrú mọ́ lójú kò sí ní kíláàsì rárá nígbà tí mo kọ́ ọ, ohun tí mo sì kọ sínú káàdì tiẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì kọ “ọ̀lẹ ni” àbí “kò fọkàn sí i”, òbí kò rí nǹkan kan fi ìyẹn ṣe ju pàṣán lọ.

Ìyá ọmọ yẹn wá láàárọ̀ ọjọ́ tá a wọlé, ó ní igi ìgbálẹ̀ ti ń tán nílé àwọn. Mọ́mì ní kí n kọ́ àwọn olùkọ́ yòókù bí mo ṣe ṣe é. Ti owó Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn ò tíì dá a sọ.