Aigẹnfálù kan náà lẹ́ẹ̀mejì: bí a ṣe ń wá fẹ́kítọ̀ kejì

Ẹ mú ilẹ̀kùn tó ní sípírìngì, irú èyí tó ń pa ara ẹ̀ dé jẹ́jẹ́ láìgbá férémù gbàà. Ká ní x ni bó ṣe ṣí tó, y ni ìyára ẹ̀, ká wá ní ìṣirò ẹ̀ lọ báyìí:

```
x' = y
y' = -4x - 4y
A = [ 0  1 ; -4  -4 ]
```

Àkọ́kọ́, ẹ wá aigẹnfálù. det(A - λI) fún wa ní λ² + 4λ + 4, ìyẹn (λ+2)², so -2 ló jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má tíì kígbe o, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà bá jáde lẹ́ẹ̀mejì ni wàhálà wà: mátríìsì 2I náà ní 2 lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ fẹ́kítọ̀ tó wù yín, tí kò bá ṣáà ti jẹ́ òdo, aigẹnfẹ́kítọ̀ ẹ̀ ni.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa mọ̀ ni A + 2I. Ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀ ni (2, 1), ìkejì ni (-4, -2), ìlà kan náà ni wọ́n ṣáà, wọ́n kàn fi -2 lu àkọ́kọ́ ni. So a ò ní ju 2a + b = 0 lọ, aigẹnfẹ́kítọ̀ tó sì bọ́ sí wa lọ́wọ́ ò ju u = (1, -2) lọ, bẹ́ ẹ bá fi nọ́ńbà lù ú ó ṣì wà lójú ìlà kan náà. Ojútùú kan ló ti ibẹ̀ jáde, e⁻²ᵗu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, méjì la nílò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn fi t lu ti àkọ́kọ́ kí wọ́n máa lọ. Kò ṣiṣẹ́! Tẹ́ ẹ bá wá ìyára te⁻²ᵗu, e⁻²ᵗu kan á ṣẹ́ kù tí kò sí nínú A·te⁻²ᵗu. Àjẹkù yẹn la ń wá fẹ́kítọ̀ w tó máa gbé e, òun ni wọ́n ń pè ní aigẹnfẹ́kítọ̀ jẹ́nẹ́ráláísì:

```
(A + 2I)w = u
```

Ó di 2a + b = 1, mo mú w = (0, 1). Ẹlòmíì lè mú (1, -1), kò burú, u ló fi yàtọ̀ sí tèmi, nọ́ńbà c₁ tó máa wà níwájú u á gbé ìyẹn mì. Gbogbo ẹ̀ wá di:

```
e⁻²ᵗ [ c₁u + c₂(tu + w) ]
```

Ká ní a ṣí ilẹ̀kùn dé 1, a wá fi í sílẹ̀ láìtì í: c₁ = 1, c₂ = 2, x = e⁻²ᵗ(1 + 2t).

Tó bá jẹ́ kọ̀mpútà lẹ fi ń ṣe é, ẹ ṣọ́ra, numpy.linalg.eig lè kó fẹ́kítọ̀ méjì fún yín, àmọ́ wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà. Ẹ wo ditámínàǹtì wọn, tó bá ti sún mọ́ òdo pẹ́kípẹ́kí, ẹ má gbà á gbọ́, ẹ fọwọ́ ṣe é.

Ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́? 1 + 2t ò lè di òdo láéláé, so kò ní ré férémù kọjá, tí t bá sì pé 3, ó ti ku bíi 0.017 péré.