Ẹ Ní Kí Wọ́n Tún Fọ́tò Ṣe, Òmíràn Ni Wọ́n Yà Fún Yín: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Iṣẹ́ àtúnṣe fọ́tò ni mò ń ṣe jẹun. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ sí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó. Mo ní kí áàpù AI tó ń tún fọ́tò ṣe bá mi yọ wáyà kúrò lẹ́yìn ìyá mi, ìyá ẹlòmíràn ló gbé fún mi." Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ṣe é báyẹn ló ń bí mi nínú. Owó tí wọ́n ti fi ṣòfò kí wọ́n tó wá bá mi ló ń dùn mí. Wọ́n á ti tún àṣẹ kan náà kọ ní ogún ọ̀nà, wọ́n á ti bẹ̀ ẹ́, wọ́n á ti fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ lórí fọ́tò tó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ dé ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń yàwòrán.

Àṣìṣe kìíní: ẹ rò pé bí fọ́tò bá ti hàn lójú fóònù, ayàwòrán ti rí i.

Èyí ni mo fẹ́ jókòó tì, nítorí òun ló ń jẹ owó jù. Nínú àwọn áàpù kan, ẹ̀rọ méjì ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ń bá yín sọ̀rọ̀, ó sì lè wo fọ́tò. Èkejì ló ń yàwòrán. Tí ẹ bá gbé fọ́tò sókè tí ẹ ní kí wọ́n yọ wáyà, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ lè wo fọ́tò náà, kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí ó sì fi ìwé yẹn nìkan ránṣẹ́ sí èkejì: "obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ búlúù, ó jókòó sórí àga onígi, ó ń rẹ́rìn-ín, ògiri funfun wà lẹ́yìn rẹ̀." Gbólóhùn yẹn ni ayàwòrán gbà. Fọ́tò kò sí níbẹ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ bá júwe ojú ẹnìkan lórí fóònù fún ẹni tí kò rí i rí, tí ẹ wá ní kí ó yà á. Yóò ya obìnrin àgbàlagbà, yóò ya aṣọ búlúù, ṣùgbọ́n kò sí bí yóò ṣe ya ìyá yín.

Nígbà tí OpenAI gbé DALL·E 3, ẹ̀rọ ayàwòrán wọn, wọ inú ChatGPT lọ́dún 2023, ọ̀rọ̀ kíkọ ni ChatGPT fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni wọ́n gbé èyí tí módẹ́lì GPT-4o fúnra rẹ̀ ń yàwòrán jáde, tó lè wo fọ́tò yín bó ṣe ń yà á. Ṣùgbọ́n áàpù tí ẹ ń lò lè ṣì máa gba ọ̀nà ti tẹ́lẹ̀, kó má sì kọ ọ́ sí iwájú.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í fura sí. Tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá kọ "kò sí wáyà" sínú ìwé rẹ̀, wáyà lè jáde síbẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán yìí ń gbọ́ orúkọ nǹkan ju "kò sí" lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà á wà, ìyá ò ní sí.

Oníbàárà mi kan gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ ti di olóògbé, fọ́tò yẹn nìkan ló sì mọ́lẹ̀ dáadáa nínú èyí tó kù. Wáyà iná dúdú kan gba ẹ̀yìn orí màmá náà kọjá lára ògiri. Fọ́tò náà jẹ́ píksẹ́lì 3000 ní fífẹ̀, 4000 ní gíga. Èyí tí áàpù dá padà fún un jẹ́ 1024 sí 1536. Ó ti san owó ìgbà púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, èmi náà sì tún bá a gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹfà, mò ń yí ọ̀rọ̀ padà ṣáá, kí n tó jókòó wo ohun tó wà níwájú mi. Ó yẹ kí n ti wò ó látìbẹ̀rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo rí nìyí. Fọ́tò 3000 sí 4000 ní gígùn mẹ́rin fún fífẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó padà wá ní mẹ́ta fún méjì. Fọ́tò kan náà kò lè yí ìdiwọ̀n padà báyẹn láìjẹ́ pé wọ́n gé e, wọ́n sì fi nǹkan kún un ni, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n yà á tuntun. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà lára aṣọ màmá, márùn-ún ló wà lára tuntun. Màmá ní èjí, eyín ti tuntun dí pa. Àmì dúdú kékeré tó wà lábẹ́ ojú òsì rẹ̀ ti lọ. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé èjí yẹn lòun kọ́kọ́ wá nínú àwòrán náà, nígbà tí kò rí i lòun mọ̀ pé kì í ṣe ìyá òun.

Tí ẹ kò bá mọ irú áàpù tí ẹ ń lò, ẹ má ṣe fi fọ́tò iyebíye dán an wò. Ẹ mú ìwé funfun, ẹ fi bírò tọ́ àmì bíi mẹ́tàlá sí i láìtò wọ́n, kí àwọn kan súnmọ́ra, kí àwọn kan jìnnà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ gbé e sókè, ẹ ní kí wọ́n sọ ìwé náà di aláwọ̀ òféfèé, kí wọ́n má fọwọ́ kan ohun mìíràn. Kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu júwe ibi tí àmì mẹ́tàlá wà gẹ́lẹ́. Tí àmì bá padà dé níbòmíràn, tàbí tí iye wọn yí padà gan-an, fọ́tò yín kò dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá wà níbi tí wọ́n wà ṣùgbọ́n tí wọ́n sún díẹ̀ tàbí tí ìrísí wọn yí, fọ́tò dé, wọ́n kàn tún gbogbo rẹ̀ yà ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi kóòdù pe ayàwòrán, ẹ wo àdírẹ́sì tí ẹ ń ránṣẹ́ sí. Ní ti OpenAI, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń yà tuntun, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń gba fọ́tò wọlé:

```
/v1/images/generations
/v1/images/edits
```

Àṣìṣe kejì: ẹ ń wá nọ́ńbà kan tí yóò yọ wáyà tí kò ní fọwọ́ kan ojú.

Èyí kan àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ayàwòrán Stable Diffusion lórí kọ̀ǹpútà wọn. Níbẹ̀, fọ́tò yín dé lóòótọ́. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni pé ó ń da wúruwùru lé e lórí, bí tẹlifíṣọ̀n tí kò rí ìkànnì mú, lẹ́yìn náà ó ń nu wúruwùru náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi àwòrán tirẹ̀ dípò ohun tí wúruwùru ti bò. `Denoising strength` ló ń sọ bí wúruwùru yóò ṣe pọ̀ tó, láti 0 dé 1. Tó bá wà ní 1, fọ́tò yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má kù rárá. Nínú web UI ti AUTOMATIC1111, ojúùwé tí ọ̀pọ̀ ti fi darí rẹ̀, 0.75 ni wọ́n gbé e sí kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, èyí sì pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ kí ojú ènìyàn ṣì jẹ́ ojú ẹni náà.

Ẹ ó wá ní kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 0.2. Ojú màmá á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bó ṣe wà, wáyà náà á sì wà, nítorí wáyà dúdú lára ògiri funfun hàn gan-an, wúruwùru kékeré kò lè bò ó. Ẹ gbé e sókè títí wáyà fi lọ, ojú á ti bá a lọ. Kò sí nọ́ńbà tó wà láàárín tí yóò ṣe méjèèjì, torí gbogbo fọ́tò ni nọ́ńbà náà ń bá jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ẹ fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kùn fún un, kí ìyókù wà lábẹ́ ààbò. Iṣẹ́ `Inpaint` nìyẹn.

Ẹ má tún èsì gbé padà sínú ẹ̀rọ láti tún un ṣe. Àtúnyà lórí àtúnyà ni, ojú á máa jìnnà sí i.

Ẹ má gbé fọ́tò mẹ́rin sínú ìjíròrò kan kí ẹ wá ní "tún un ṣe." Èwo?

Ibi tí ẹ kùn yẹn gan-an, ẹ má gbọ́kàn lé e tán. Stable Diffusion kì í ṣiṣẹ́ lórí píksẹ́lì yín gan-an. Ó ń kọ́kọ́ fún fọ́tò pọ̀, píksẹ́lì mẹ́jọ sí ẹyọ kan ní ìbú àti ní òró, kó tó tún un tú síta. Nínú ìfúnpọ̀ àti ìtúsílẹ̀ yẹn, lẹ́tà kéékèèké àti ojú tó jìnnà máa ń bàjẹ́ níbi tí ẹ kò kùn pàápàá, àyàfi tí áàpù bá lẹ ojúlówó padà síbẹ̀. Àwọn módẹ́lì mìíràn sì wà, bíi gpt-image-1, tí ibi tí ẹ kùn jẹ́ ìtọ́sọ́nà lásán fún wọn. Wọ́n lè kọjá ààlà rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fi parí iṣẹ́ màmá yẹn ni pé n kò fún ẹ̀rọ kankan ní ojú rẹ̀ mọ́. Nínú GIMP, áàpù àtúnṣe fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, mo gé apá ògiri tí wáyà wà lára rẹ̀, 1024 sí 1024, níbi tí orí kò dé. Mo kọ ibi tí mo ti gé e sílẹ̀. Apá yẹn nìkan ni mo fi ránṣẹ́ fún yíyọ wáyà. Nígbà tó padà dé, mo gbé e lé orí fọ́tò àkọ́kọ́ níbi tó ti wá gẹ́lẹ́, mo fi ìbòjú bò ó pátápátá, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì ṣí ibi tí wáyà gbà kọjá nìkan. Ibi tí wáyà ti súnmọ́ irun rẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ṣe é, mo lo `Clone`, mo ń mú ògiri láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí n tó fà á lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, mo gbé ojúlówó àti àtúnṣe lé ara wọn, mo yan `Difference`. Ibi tí méjèèjì bá ti jọra máa ń dúdú bí ilẹ̀ alẹ́. Gbogbo rẹ̀ dúdú, ojú, èjí, bọ́tìnnì mẹ́ta, àfi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn orí, níbi tí wáyà wà tẹ́lẹ̀.