Ẹ má tíì pè é ní féèkì: àṣìṣe táwọn tó ń fi fọ́tò dá fóònù lẹ́jọ́ máa ń ṣe

Àbúrò mi kan ra iPhone 14, ó ya fọ́tò ẹ̀ sórí gúrúùpù Wàtísáàpù ẹbí wa, kò pẹ́ rárá tí ẹnu fi kò pé wọ́n ti lù ú ní jìbìtì. Ẹnì kan ní kò síbi tí wọ́n á ti ki síìmù bọ̀ ọ́, ẹlòmíì ní páálí ẹ̀ funfun lásán, kò sí àwòrán fóònù lórí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa kan tún tọ́ka sí àmì gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ó ní wọ́n ti tú u rí. Ẹkún ló fi pè mí. Iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe, mo ní kó gbé e wá, ojúlówó ni, gbogbo nǹkan tí wọ́n tọ́ka sí yẹn kàn ń sọ ibi tó ti wá ni.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé fóònù tó wà lọ́wọ́ wa la fi ń wọn ti ẹlòmíì. Láti 2022 tí iPhone 14 ti jáde, èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ò ní ojú síìmù rárá, eSIM nìkan ló ń lò, ìyẹn síìmù tí wọ́n ti ṣe mọ́ inú fóònù. Ti Họ́ńgíkọ́ńgì ń gba síìmù gidi méjì. Àmì gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ bọ́tìnnì tí a fi ń tan fóònù, ibẹ̀ ni 5G oríṣi kan tó yára gan-an ń gbà wọlé, ti Amẹ́ríkà ló sì ní in. Torí náà tẹ́nì kan bá ra fóònù lọ́hùn-ún tó kó o sínú báàgì wá tà níbí, kò gba ọwọ́ àwọn tí ilé-iṣẹ́ yàn pé kí wọ́n máa tà á lọ́dọ̀ wa, òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀nà tó gbà wọlé ló yàtọ̀, ẹni tó ṣe é ò yàtọ̀.

Ẹ wọ Settings, General, About, kí ẹ wo Model Number. Tó bá parí sí LL/A, ti Amẹ́ríkà ni, ZP/A ni ti Họ́ńgíkọ́ńgì, J/A ni ti Japan. Ẹ wá fọwọ́ tẹ nọ́ńbà yẹn, á yí padà sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Ti àbúrò mi jẹ́ A2649, ìyẹn iPhone 14 ti Amẹ́ríkà, ara ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ní ojú síìmù. Ká ní A2649 yẹn ló wá ní ojú síìmù ni, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ara fu yín!

Ti páálí funfun ńkọ́? Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ Model Number ẹ̀ ni F. M ni ti èyí tí wọ́n tà ní tuntun, N ni èyí tí wọ́n fi rọ́pò ti oníbàárà tó bàjẹ́, F ni èyí tí wọ́n tún ṣe. Èyí tí Apple fúnra wọn tún ṣe tí wọ́n sì ń tà máa ń ní bátìrì tuntun, ara tuntun àti wáràńtì ọdún kan, inú páálí funfun tí kò ní àwòrán ló sì máa ń wà. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n tún ṣe lójú títì o. Tí oníṣẹ́ kan bá pààrọ̀ síkírínì, lẹ́tà yẹn ò ní yí padà, M á ṣì jẹ́ M, àmọ́ láti iPhone 11 sókè, About lè kọ Unknown Part síwájú síkírínì ọ̀hún. Ó lè jẹ́ síkírínì ayédèrú, ó sì lè jẹ́ inú iPhone míì ni wọ́n ti yọ ọ́. Fóònù ṣì jẹ́ ojúlówó, ẹ kàn máa ná owó ẹ̀ wálẹ̀ ni.

Irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí aṣọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ránṣọ máa ń rán díẹ̀ lé iye tí wọ́n ní kó rán torí èyí tó bá bàjẹ́, àṣẹ́kù ẹ̀ á wá bọ́ sọ́jà, wọ́n á ti gé lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ tàbí kí wọ́n fi máákà fà á kí ẹnikẹ́ni má baà dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Tá a bá rí lébẹ́ẹ̀lì gígé nínú fọ́tò, kíá, féèkì! Àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà sì ń gé e, torí náà fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì ò lè gbèjà aṣọ, kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ẹ má sì fi sìríà nọ́ńbà nìkan parí ẹjọ́, wọ́n ń jí nọ́ńbà fóònù gidi kọ sínú ayédèrú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí checkcoverage.apple.com, kí ẹ wò ó bóyá irú fóònù tó gbé jáde bá èyí tó wà lọ́wọ́ yín mu, kí ẹ sì ṣí App Store, torí ọ̀pọ̀ ayédèrú ló jẹ́ pé Play Store ló máa gbé yín lọ. Fọ́tò ò lè fi èyí hàn yín.

Nínú About náà, Carrier Lock ló ń sọ bóyá wọ́n ti fóònù pa mọ́ láìnì ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ti àbúrò mi kọ No SIM restrictions, ìyẹn ni pé wọn ò tì í, ó lọ sí ọ́fíìsì MTN, wọ́n yí láìnì ẹ̀ sí eSIM, ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣì ń dùn mí ni pé ẹnì kan nínú gúrúùpù ti gbé fọ́tò ọmọ tó tà á fún un sórí sítétọ́ọ̀sì, ó kọ "olè" sí i lára. Wọ́n ti yọ ọ́, àmọ́ àwọn tó ti fi ránṣẹ́ síwájú ò mọ̀.