Àwọn Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ Nípa Inú Rírun àti Ẹ̀jẹ̀ Púpọ̀ Nígbà Nǹkan Oṣù

Àṣìṣe tí ó ń fi ìyà jẹ ọ̀dọ́bìnrin jù lọ nígbà nǹkan oṣù ni pé ó máa ń dúró títí inú rírun náà yóò fi le koko kí ó tó lo oògùn. Láti Kàbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti kọ́ ọmọ wọn pé kí ó kọ́kọ́ fara dà á, nítorí pé oògùn kò dára fún ọmọdébìnrin. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kò bá ọ̀nà tí ìrora yìí ń gbà ṣiṣẹ́ mu.

Nígbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, awọ inú ilé ọmọ máa ń tú èròjà kan jáde tí àwọn oníṣègùn ń pè ní próstáglándìnì. Èròjà yìí ni ó ń mú kí iṣan ilé ọmọ máa fún pọ̀ kí ó lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Bí ó bá pọ̀ jù, iṣan náà yóò fún pọ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa dé ibẹ̀ yóò dínkù, ìgbà náà sì ni ìsàlẹ̀ ikùn, ẹ̀yìn ìdí àti itan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ náà. Èròjà kan náà ni ó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, ṣúgà tàbí mílíìkì kọ́ sì ni ó fà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin ọdún 19 kan ní Kàbà ṣe àpẹẹrẹ. Nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó fara dà á títí di ọ̀sán, ó bì, ó sì wá lo parasitámọ́ọ̀lù méjì ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó bì í jáde. Ó ní oògùn kò ṣiṣẹ́ fún òun. Ibuprófẹ́nì ni ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ jù fún irú ìrora yìí, nítorí pé ó ń dí ara lọ́wọ́ láti pèsè próstáglándìnì. Èyí tí ara ti pèsè sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kò lè kó kúrò. Ìdí nìyí tí àkókò tí a lò ó fi ṣe pàtàkì. Bí ọmọ yìí bá rí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, tàbí bí ẹ̀yìn ìdí bá ti ń dùn ún bí ó ti máa ń ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó jẹun, kí ó sì lo 400 mílígíráàmù, èyí tí ó jẹ́ hóró méjì oní-200. Kí ó tún un lò lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó má sì kọjá 1,200 mílígíráàmù láàárín wákàtí 24 láìjẹ́ pé dókítà ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín, ikọ́ fée tí irú oògùn yìí máa ń ru sókè, tàbí ẹni tí ó lè ti lóyún, kò gbọdọ̀ lò ó. Parasitámọ́ọ̀lù ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kéré sí i. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ó tó lò ó.

Ooru náà ń ṣe ìrànlọ́wọ́ gidi. Kí a rọ omi gbígbóná tí kò hó sínú àpò rọ́bà tí a ṣe fún un, kí a fi aṣọ wé e, kí a sì gbé e lé ìsàlẹ̀ ikùn. Omi híhó nínú ike lásán ti bó ọ̀pọ̀ ènìyàn lára.

Àṣìṣe mìíràn tí ó dùn mí ni lílo ampikílọ́ọ̀sì tàbí fílájìlì lóṣooṣù láti “fọ inú.” Kòkòrò ni àwọn oògùn wọ̀nyẹn ń pa, nǹkan oṣù lásán kì í sì í ṣe àìsàn kòkòrò, nítorí náà ohun tí ó máa ń ṣẹ́kù ni pé wọn yóò mọ́ kòkòrò lára, wọn kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí àìsàn gidi bá dé. Bákan náà ni oògùn àdàlù tí kẹ́míìsì ń dì sínú ọ̀rá: oríṣi méjì tàbí mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ibuprófẹ́nì lè wà nínú rẹ̀, wọn a sì dá ọgbẹ́ sí ọmọ nínú. Àgbo tí a rẹ sínú ògógóró lórí oògùn wọ̀nyí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, àṣìṣe ńlá ni pé a kì í wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí ó rí i pé ìyá rẹ̀ pàápàá ń lo páàdì méjì lẹ́ẹ̀kan náà yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ó rí. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, iye páàdì tí ó rin gbingbin, àti bí ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe tóbi tó. Bí páàdì bá ń rin láàárín wákàtí kan tàbí méjì, bí ẹ̀jẹ̀ bá ju ọjọ́ méje lọ, bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá tó ìdérí ìgò míníràlì, tàbí bí ó bá ní láti dìde lóru láti pààrọ̀ páàdì, ẹ̀jẹ̀ náà ti pọ̀ jù.

Àìtó ẹ̀jẹ̀ sì máa ń dé díẹ̀díẹ̀: ó ń rẹ̀ ẹ́, àyà rẹ̀ ń lù kì kì bí ó bá gun òkè, ìpéǹpéjú inú funfun, ẹfun tàbí yìnyín ń wù ú jẹ. Bí a bá ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ láìwá ohun tí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀, bí ẹni ń pọn omi sínú agbè tí ó ń jò ni. Bí dókítà bá fún un ní oògùn irin, kí ó fi omi ọsàn gbé e mì, kì í ṣe tíì. Ìgbẹ́ dúdú tí ó bá tẹ̀ lé e kì í ṣe ewu.

“Bí o bá bímọ, yóò lọ” ni ọ̀rọ̀ tí ó ń fi ìtọ́jú falẹ̀ jù. Òótọ́ ni pé ìrora ẹlòmíràn máa ń dínkù lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n ìrora tí ó ń le sí i lọ́dọọdún, èyí tí ó wà lẹ́yìn nǹkan oṣù pẹ̀lú, tàbí tí ó ń dunni nígbà ìgbẹ́ tàbí ìbálòpọ̀, lè jẹ́ àìsàn tí awọ irú ti ilé ọmọ ti hù sí ìta rẹ̀. Kò yẹ kí irú èyí dúró de ìgbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó lo oògùn bí ó ti tọ́ fún oṣù mẹ́ta láìrí ìtura, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́ tí ó rí nǹkan oṣù, tí imú tàbí èrìgì rẹ̀ sì tún máa ń ṣẹ̀jẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì.

Ọjọ́ kan náà ni kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí páàdì bá ń rin gbingbin ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí méjì léraléra, bí ó bá dákú, bí ibà bá wà tí ohun olóòórùn sì ń jáde lójú ara rẹ̀, tàbí bí nǹkan oṣù bá ti pẹ́ kí ó tó dé, tí ẹ̀gbẹ́ kan ikùn sì ń dùn ún gidigidi, nítorí oyún lè ti dúró síta ilé ọmọ.

Ọ̀pọ̀ ìyá ń bẹ̀rù pé àyẹ̀wò yóò ba ìbálé ọmọ wọn jẹ́. Dókítà yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀, yóò yẹ oyún wò, yóò ṣe àyẹ̀wò tí a ń pè ní pí-sí-fí láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, yóò sì ní kí wọ́n ṣe sikáànù. Orí ikùn ni wọ́n ti ń ṣe sikáànù fún ẹni tí kò tíì mọ ọkùnrin. Kí ó mu omi dáadáa ṣáájú, kí ó má sì tọ̀ títí wọn yóò fi ṣe é. Bí sikáànù kò bá sì rí ohunkóhun, tí ìrora náà kò dínkù, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà náà, nítorí pé awọ tí ó hù sí ìta ilé ọmọ kì í sábà hàn nínú rẹ̀.